Bí A Ṣe Ń Kọ Àlàyé Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ: Iṣẹ́ Tí À Ń Ṣe, Àkókò Tí À Ń Ṣí, Àdúgbò Tí Ọwọ́ Wa Tó

 

Ẹ̀kọ́ wa ti àsìkò yìí dá lórí àlàyé ṣọ́ọ̀bù tí a máa ń tẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ìròyìn wa. Ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹni tí kò mọ ọjà dáadáa ti máa ń wo ibi tí yóò gbé owó rẹ̀ lọ. Àwa tí a ń gba ìwé lọ́wọ́ yín ti rí i pé ti àwọn aránṣọ ló máa ń fa wàhálà jù. Kò sì yani lẹ́nu. Ẹni tó ń ta ata, ata rẹ̀ wà lórí àtẹ. Oníbàárà á fojú rí i, á fọwọ́ kàn án, á sanwó, á sì máa lọ. Ti aránṣọ kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí oníbàárà fẹ́ kò tíì sí nílẹ̀ nígbà tó ń sanwó. Ìlérí ni aránṣọ ń tà. Nítorí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá kọ sínú ìwé, ìlérí ni, wọn á sì dì í mú.

Ìdí nìyí tí a fi mú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní ọjà Gbági Tuntun nílùú Ìbàdàn, kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó ni ín gbà kí a lò ó, ṣùgbọ́n a ò ní dá orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tó kọ wá.

Ìwé tó kọ́kọ́ mú wá

Ohun tó kọ nìyí: "A ń rán oríṣiríṣi aṣọ tọkùnrin tobìnrin. A ń ṣí nígbà gbogbo. A ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Ìtẹ́lọ́rùn yín ló jẹ wá lógún."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà. Bí ẹ bá gé orúkọ aránṣọ kúrò, tí ẹ fi ti aránṣọ mìíràn sí i, kò sí ohun tí yóò yí padà. Kò sọ iṣẹ́ tó mọ̀ jù, kò sọ ọjọ́ tí ẹnìkan lè bá a, kò sì sọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dé.

Ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fà fún un, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa. Ọkùnrin kan gbé aṣọ agbádá wá, ó fẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn àti àyà rẹ̀. Aránṣọ wa kò ní ẹ̀rọ ọnà. Ó gbà á, nítorí ó ti kọ "oríṣiríṣi aṣọ" sórí pátákó. Ó gbé e fún ẹlòmíràn, onítọ̀hún pẹ́ lórí rẹ̀, ọjọ́ ìnáwó pé, aṣọ kò tíì jáde. Ẹlòmíràn wá lọ́jọ́ Àìkú, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ó sì bínú lọ. Ìyàwó ilé kan láti Mọ́níyà ní kí wọ́n gbé aṣọ òun wá sílé, nítorí wọ́n ní gbogbo Ìbàdàn ni wọ́n ń ṣe é fún. Ẹ wo Gbági Tuntun, ẹ wo Mọ́níyà. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè tó wà lórí aṣọ náà tán.

Àwọn mẹ́ta yìí kì í ṣe oníbàárà burúkú. Ohun tí wọ́n kà ni wọ́n bá wá.

Ìkínní: Iṣẹ́ tí à ń ṣe

A jókòó pẹ̀lú aránṣọ wa, a ní kó kà fún wa ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun fúnra òun wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ kan tó ti gba frídọ̀mù wà, àti ọmọ iṣẹ́ 2. Ẹ̀rọ ìránṣọ 2 ló wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ wífìn 1 tó ń dì etí aṣọ kó má bàa tú, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kékeré fún ìgbà tí iná bá lọ.

A wá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ wo ni ẹ lè gbà lónìí láìní bẹ ẹnikẹ́ni?" Ó ní ìró àti bùbá, kaba, síkẹ́ẹ̀tì àti bùláòsì, bùbá àti ṣòkòtò ọkùnrin, aṣọ ọmọdé, àti àtúnṣe. Agbádá ńkọ́? Ó ní òun lè gé e, òun sì lè rán an, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀, ìta ni òun ń gbé e lọ. Kóòtù ńkọ́? Ó ní rárá o, òun kò kọ́ kóòtù.

Ẹ rí i báyìí pé oríṣi mẹ́ta ni iṣẹ́ pín sí: èyí tí à ń ṣe fúnra wa, èyí tí à ń ṣe ṣùgbọ́n tí apá kan rẹ̀ ń lọ síta, àti èyí tí a kì í ṣe. Ó yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn nínú ìwé. Àwọn kan á ní, "Ṣé kí n wá fẹnu ara mi sọ ohun tí n kò mọ̀ ọ́n ṣe?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó fẹ́ rán kóòtù, tó kà á pé ẹ kì í rán kóòtù, kò ní da àárọ̀ yín rú. Ẹni tó fẹ́ ìró àti bùbá á sì gbà pé ẹni tó lè sọ ohun tí kò mọ̀, ohun tó sọ pé òun mọ̀ dá a lójú.

Àtúnṣe pàápàá ní láti ní àlàyé tirẹ̀. Kí aránṣọ kọ ohun tó ń tún ṣe: fífún aṣọ pọ̀, títú u sílẹ̀, gígé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, pípààrọ̀ síìpù. Títú aṣọ sílẹ̀ ní òdiwọ̀n o. Ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ rán an bá fi sílẹ̀ nínú ojú rírán ni a lè tú. Bí ó bá fi íǹṣì 1 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, a lè rí nǹkan mú jáde. Bí ó bá gé e mọ́ etí wífìn, kò sí aránṣọ tó lè fa aṣọ tí kò sí níbẹ̀ yọ. Nítorí náà, kí a kọ ọ́ pé, "A ó yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó gbà á."

Ohun kan ṣì kù lórí iṣẹ́, òun náà sì máa ń dá ìjà sílẹ̀: ta ló ń ra láínì, síìpù, bọ́tìnì àti òwú? Oníbàárà á rò pé ó wà nínú owó iṣẹ́, aránṣọ á rò pé oníbàárà ló ń mú un wá. Gbólóhùn kan péré ló máa parí rẹ̀. Aránṣọ wa ní òwú ń bẹ lọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n láínì àti síìpù, oníbàárà ni yóò san án. Kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti iye yáàdì, a kì í kọ ọ́ bí òfin. Lóòótọ́, yáàdì 5 léèsì ni a sábà máa ń tà fún ìró àti bùbá. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn kò dọ́gba, fífẹ̀ aṣọ náà kò sì dọ́gba. Yáàdì 5 lára aṣọ tó fẹ̀ ní íǹṣì 45 kò lè dà bíi yáàdì 5 lára èyí tó fẹ̀ ní íǹṣì 60. Ohun tó dára láti kọ ni pé, "Ẹ wá wọn ara yín kí ẹ tó ra aṣọ." Àwa tí a wà ní Gbági, ó rọ̀ wá lọ́rùn. Oníbàárà á wọn ara rẹ̀ tán, á kọjá sí ọ̀dọ̀ oníléèsì, á sì padà wá pẹ̀lú ìwọ̀n tó tó.

Ìkejì: Aṣọ mélòó ni ọwọ́ wa ká?

Ibi tí ọ̀pọ̀ aránṣọ ti ń fojú fo òtítọ́ nìyí. Ọjọ́ tí aṣọ yóò jáde kì í ti ẹnu wá, inú ìwé ìṣirò ló yẹ kó ti wá. A ní kí aránṣọ wa mú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n sí wá. A ka aṣọ tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 4 tó tẹ̀léra. A ka ìró àti bùbá kan sí aṣọ 1. Kaba tó ní láínì tàbí ìlẹ̀kẹ̀, a kà á sí 2, nítorí ó máa ń gba àkókò ìlọ́po méjì.

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, aṣọ 19. Ọ̀sẹ̀ kejì, 22. Ọ̀sẹ̀ kẹta, 18, torí jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, 21. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 80. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 4, aṣọ 20 ni ọwọ́ wọn ká lọ́sẹ̀ kan. Aránṣọ wa yanu sílẹ̀. Ó ní òun rò pé wọ́n ń ṣe tó 40!

Nínú 20 yìí, bí i 12 jẹ́ ti àwọn oníbàárà àtijọ́ tí wọn kì í yà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù fún iṣẹ́ tuntun jẹ́ 8 lọ́sẹ̀ kan. Wàyí o, ká ní ẹnìkan gbé aṣọ ẹbí 24 wá. Bí a bá ń yọ 8 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ 3 ni yóò gbà. Kí a fi ọ̀sẹ̀ 1 kún un fún dídánwò àti àtúnṣe, nítorí nínú obìnrin 24, àwọn kan á sanra, àwọn kan á rù, àwọn mìíràn á yí sítáìlì padà. Ó di ọ̀sẹ̀ 4.

Ohun tí yóò wọ ìwé nìyẹn: "Aṣọ ẹbí kò gbọdọ̀ ju 24 lọ, ẹ mú un wá ní ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú ọjọ́ ìnáwó." Bí ẹnìkan bá gbé 40 wá ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú, ìṣirò náà ló dáhùn, kì í ṣe ẹnu aránṣọ. Tó bá gbà á, ọ̀kan nínú méjì ló máa ṣẹlẹ̀: yálà kó já àwọn 12 àtijọ́ kulẹ̀, tàbí kó pín aṣọ káàkiri fún àwọn tí kò mọ ọwọ́ wọn, kí bùbá 40 jáde ní ọrùn oríṣi 5. Àwọn tó wọ aṣọ ẹbí á wá máa wo ara wọn lágbo ìnáwó.

Fún aṣọ ẹyọ kan, ó mú ọ̀sẹ̀ 2. Ó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó sàn kí oníbàárà gbà á ní ọjọ́ 10 nígbà tí a sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ 2, ju kó gbà á ní ọjọ́ 10 nígbà tí a sọ pé ọjọ́ 7. Ọjọ́ 10 kan náà ni, ọ̀tọ̀ ni bí ara ṣe máa rí.

Ìkẹta: Àkókò tí à ń ṣí

"Nígbà gbogbo" kì í ṣe àkókò. Kí a kọ ọjọ́, kí a kọ aago. Ṣùgbọ́n àṣírí kan wà nínú iṣẹ́ aránṣọ tí kò sí nínú iṣẹ́ àwa tó ń ta ọjà. Aago tí ilẹ̀kùn ṣí àti aago tí a lè wọn ènìyàn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ọmọ iṣẹ́ ló ń ṣílẹ̀kùn ní aago 9 òwúrọ̀. Wọ́n ń tì í ní aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá nìkan ló ń wọn ara, òun nìkan ló sì ń gé aṣọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń lọ ra láínì àti òwú, kì í dé títí di ọ̀sán. Bí oníbàárà bá wá ní aago 10 ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní rí ẹni tó máa wọ̀n ọ́n. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wọkọ̀ wá, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í padà wá.

Nítorí náà a kọ aago méjì. Ìkínní, aago tí ṣọ́ọ̀bù ṣí, tí ẹnikẹ́ni lè wá gba aṣọ rẹ̀ tàbí kó wá fi síìpù sílẹ̀. Ìkejì, aago wíwọ̀n ara: aago 10 òwúrọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́, àyàfi ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó jẹ́ aago 1 ọ̀sán sí 4. A fi í sí aago 4 nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ṣì dára nígbà náà, ọ̀gá á sì lè jókòó sídìí gígé aṣọ lẹ́yìn rẹ̀.

Kí a rántí ọjọ́ Jímọ̀. Ọ̀gá yìí máa ń lọ kírun, ṣọ́ọ̀bù á sì wà ní títì láti aago 1 sí aago 2 ààbọ̀. Ẹni tó bá ń lọ ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ náà, kó kọ tirẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó bá sì wà nínú ọgbà ọjà, kó má kọ aago 9 alẹ́ bí àwọn ọlọ́dẹ bá ti máa ń ti géètì ṣáájú ìgbà náà. Ti géètì la máa tẹ̀lé, kì í ṣe ti ìfẹ́ inú wa.

Àsìkò ọdún tún wà. Ní oṣù Kejìlá, aṣọ máa ń dé bí òjò. Kí ìwé sọ ọjọ́ tí a óò dáwọ́ gbígba aṣọ tuntun dúró. Aránṣọ wa mú ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá fún Kérésìmesì. Ti Iléyá kò ṣeé kọ oṣù sí, nítorí ojú òṣùpá la fi ń ka ọdún Iléyá, ó sì máa ń sún síwájú ní bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún nínú kàlẹ́ńdà wa. Bí ẹ bá kọ oṣù sí i lọ́dún yìí, tó bá di ọdún mélòó kan, irọ́ ló máa dà. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ọ̀sẹ̀ 3 ṣáájú Iléyá la ó dáwọ́ gbígba aṣọ Iléyá dúró." Èyí kò ní bàjẹ́ láé.

Ìkẹrin: Ibi tí a wà àti ibi tí ọwọ́ wa tó

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a wà. Ẹ má ṣe kọ "Gbági, Ìbàdàn" kí ẹ sì dákẹ́. Àwa mọ ohun tí à ń sọ, ṣùgbọ́n àlejò kò mọ̀. Gbági àtijọ́ wà ní àárín ìlú, lápá Dùgbẹ̀ àti Ọ̀gùnpa. Gbági Tuntun wà lọ́nà Ifẹ̀, béèyàn bá ti kọjá Ìwó Róòdù. Àlejò láti Ọ̀yọ́ tàbí Èkó tó bá sọ fún awakọ̀ pé Gbági lòun ń lọ, ó lè bọ́ sí ibi tí kò yẹ, kó gbé aṣọ yáàdì 10 káàkiri nínú oòrùn. Ẹ kọ "Gbági Tuntun, ọ̀nà Ifẹ̀." Lẹ́yìn náà, ẹ kọ láìnì àti nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má kọ "lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníléèsì," torí oníléèsì ló kún ibẹ̀. Ẹ má kọ "níwájú ìyá alákàrà," ìyá alákàrà lè ṣí kúrò lọ́la.

Ní ti ibi tí ọwọ́ wa tó, ìbéèrè kan ṣoṣo ni: ibo ni ọmọ iṣẹ́ lè wọkọ̀ lọ, kó gbé aṣọ fúnni, kó sì padà kí iṣẹ́ tó dúró? Aránṣọ wa ronú, ó ní láti Agodi Géètì àti Ìwó Róòdù títí dé Àlàkíà, Adégbáyì àti Ẹgbẹ́dá. Ibẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà. Ó mú ọjọ́ Ọjọ́rú àti Sátidé fún gbígbé aṣọ kiri, oníbàárà ni yóò sì san owó ọkọ̀. Ẹni tó wà ní Mọ́níyà, ní Chálẹ́ǹjì tàbí ní Apátá, kó wá gbà á fúnra rẹ̀. A ò lé wọn o. A kàn sọ fún wọn kí wọ́n tó wá.

Àwọn tó wà ní ìlú mìíràn ńkọ́? Wọ́n máa ń pè lórí fóònù pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìwọ̀n mi sílẹ̀, mo ti fi téèpù wọn ara mi." Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Ènìyàn kò lè wọn èjìká ara rẹ̀ kó tọ́. Bó bá gbé apá sókè láti fa téèpù, èjìká ti yí nìyẹn. Àwọn mìíràn á wọn ara lórí aṣọ tó nípọn. Íǹṣì 1 péré tó bá yàtọ̀ ní èjìká, apá bùbá á wó wálẹ̀ tàbí kó fún ọrùn. Òfin tí aránṣọ wa gbé kalẹ̀ ni pé kí onítọ̀hún wá lẹ́ẹ̀kan, kí òun wọ̀n ọ́n, kí òun kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ó lè máa fi aṣọ ránṣẹ́ láti gáréèjì. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n náà bá ti ju oṣù 6 lọ, á tún un wọ̀n, torí ara ènìyàn kì í dúró sójú kan.

Ìwé náà lẹ́yìn tí a tún un ṣe

Ohun tó jáde nìyí. Ẹ fi wé ti àkọ́kọ́:

"Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, Gbági Tuntun, ọ̀nà Ifẹ̀, Ìbàdàn (láìnì, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù àti ti fóònù á wọlé síbí).

À ń rán ìró àti bùbá, kaba, síkẹ́ẹ̀tì àti bùláòsì, bùbá àti ṣòkòtò ọkùnrin, àti aṣọ ọmọdé. À ń rán agbádá, ṣùgbọ́n ìta la ti ń ṣe ọnà ọrùn rẹ̀, ó sì ń fi ọ̀sẹ̀ 1 kún un. A kì í rán kóòtù. À ń fún aṣọ pọ̀, à ń tú u sílẹ̀, à ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, à ń pààrọ̀ síìpù. A ó yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó gbà á. Òwú wà lọ́dọ̀ wa. Oníbàárà ló ń san owó láínì àti síìpù. Ẹ wá wọn ara yín kí ẹ tó ra aṣọ.

Aṣọ ẹyọ kan: ọ̀sẹ̀ 2. Aṣọ ẹbí: kò gbọdọ̀ ju 24 lọ, ọ̀sẹ̀ 4. A ó dáwọ́ gbígba aṣọ Kérésìmesì dúró ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, ti Iléyá ní ọ̀sẹ̀ 3 ṣáájú ọdún.

À ń ṣí ní ọjọ́ Ajé sí Sátidé, aago 9 òwúrọ̀ sí 6 ìrọ̀lẹ́. Wíwọ̀n ara: aago 10 sí 4, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1 sí 4. Ọjọ́ Jímọ̀, a ń tì láti aago 1 sí 2 ààbọ̀. A kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú.

À ń gbé aṣọ délé ní Ọjọ́rú àti Sátidé, láti Agodi Géètì àti Ìwó Róòdù dé Ẹgbẹ́dá. Oníbàárà ló ń san owó ọkọ̀. Ẹni tó wà ní ìlú mìíràn, kó wá wọn ara lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì owó iṣẹ́ la ń gbà kí a tó gé aṣọ."

Ẹ ó rí i pé kò sí iye owó iṣẹ́ níbẹ̀. A mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Iye owó ń yí padà, ìwé tí a ti tẹ̀ kò lè yí, oníbàárà á sì fi ìwé ọdún tó kọjá dá yín lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń gba owó, ìyẹn ìdajì ṣáájú, kì í yí padà, ó yẹ kó wà níbẹ̀.

Bí a ṣe ń dán ìwé wò

Kí ẹ tó mú ìwé wá fún wa, ẹ fún ẹnìkan tí kò wọ ṣọ́ọ̀bù yín rí kà. Ẹ bi í ní ìbéèrè 3. Bí mo bá ní agbádá tó fẹ́ ọnà, ṣé kí n gbé e lọ? Bí mo bá fẹ́ wọn ara lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mélòó ni kí n lọ? Adégbáyì ni mo ń gbé, ṣé wọ́n lè gbé e wá? Bí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láì bi yín léèrè ohunkóhun, ìwé yín ti pé. Bí ó bá ní, "Ó yẹ kí wọ́n lè ṣe é," ọ̀rọ̀ kù níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ó bá ti jáde, ẹ máa kọ ìbéèrè tí àwọn tó ń pè lórí fóònù ń bi yín sínú ìwé kékeré. Bí ènìyàn 3 bá bi yín ní ohun kan náà, ohun náà kò hàn nínú àlàyé yín nìyẹn. Bí òṣìṣẹ́ yín bá kúrò, tàbí ọmọ iṣẹ́ gba frídọ̀mù, ẹ tún aṣọ ọ̀sẹ̀ 4 kà. Ọwọ́ tó ń rán 20 tẹ́lẹ̀ lè di 13, ìwé á sì máa ṣèlérí 20 lọ.

Ẹ̀yin aránṣọ wa, ẹ mú tiyín wá, bí ọwọ́ yín bá ṣe lè kọ ọ́. Ẹni tí kò bá lè kọ, kó wá sọ ọ́ lẹ́nu, a ó bá a kọ ọ́, a ó sì kà á sí i létí kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kó mú ìwé ìwọ̀n rẹ̀ dání, torí inú rẹ̀ la ó ti ka aṣọ.

Ọjà á tà o. Abẹ́rẹ́ yín kò ní ṣẹ́.

Àwa akọ̀wé ẹgbẹ́.